Ibo ni tọkọtaya tí ò fẹ́ ariwo kíláàbù lè gbà jáde lálẹ́ n'Ìbàdàn, tó ṣì máa lárinrin?

Àdùnní_Jẹ́ríkò
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ọkọ mi ò fẹ́ràn kíláàbù rárá, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù, èèyàn á máa pariwo sétí ẹnì kejì ẹ̀ kó tó gbọ́. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kó jẹ́ pé ilé la ó máa jókòó sí ní gbogbo Fráìdé, a fẹ́ ibi tí èrò wà, tí orin wà, tí ẹ̀rín wà, tá a sì tún máa lè bára wa sọ̀rọ̀. Ìbàdàn níbí náà o, a ò lè máa lọ Èkó. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn ẹ jọ̀ọ́.

Kọ́lé_Ìwó_Róòdù
Àǹtí, ẹ lọ gba tébù àwọn èèyàn ńlá lókè, wọ́n á tọ́jú yín dáadáa, kò sí ìtìpá-tìpá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ owó ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn kíláàbù, ẹ kàn lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdé.

Àdùnní_Jẹ́ríkò
Àbúrò, ariwo ni mo sọ o, mi ò sọ owó 😂 Tébù òkè yẹn náà ń gbọ́ ohun tí ti ìsàlẹ̀ ń gbọ́.

Sísí_Sámọ́ńdà
Ẹ lọ wo sinimá jàre. Ó wà ní Dùgbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kòkó Háòsì níbẹ̀, inú ẹ̀ tutù, kò sí ariwo, gúgúrú wà, ẹ ti jáde nìyẹn. Èmi àti olólùfẹ́ mi, ibẹ̀ la máa ń lọ.

Bọ̀dá_Mísà
Ẹ kú alẹ́ ma. Sísí Sámọ́ńdà, sinimá dáa o, ṣùgbọ́n kò sí pé kò sí ariwo níbẹ̀, tí fíìmù oníjà bá dé ibi tí nǹkan ti ń bú gbàmù ẹ máa mọ̀, àti pé èèyàn ò kì í sọ̀rọ̀ nínú sinimá, àǹtí sì sọ pé àwọn fẹ́ máa bára àwọn sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sídìí mísà fún bándì, jùjú, háíláìfù, gbogbo ẹ̀, torí náà mo mọ ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Ohun tẹ́ ẹ ń wá, bándì tó ń ṣeré nínú ọgbà ni, ní gbangba, níbi tí kò sí òrùlé. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti gádìnì tó ń ṣe é wà ní Jẹ́ríkò yín níbẹ̀, wọ́n wà ní Bódìjà, wọ́n wà lọ́nà Ríńgì Róòdù. Ẹ máa rí i lára pátákó wọn, Fráìdé tàbí Sọ́ńdè ló sábà máa ń jẹ́.

Ìdí tí mo fi ní gbangba rèé. Nínú ilé, ohùn tó jáde lára sípíkà á gbá ògiri, á gbá àjà, á tún padà wá bá yín, ẹyọ orin kan ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó gbọ́ ọ, ìdí tí kíláàbù fi ń dààmú orí nìyẹn. Ní gbangba kò rí nǹkan gbá, ńṣe ló ń lọ. Tẹ́ ẹ bá wà ní mítà 5 sí sípíkà tẹ́ ẹ wá sún dé mítà 10, ohùn yẹn á ti dín ní bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6, tẹ́ ẹ bá tún sún dé mítà 20, 6 míì tún ti lọ. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n bo gbogbo ẹ̀ kì í dín tó bẹ́ẹ̀ láéláé, ibi tẹ́ ẹ bá sá sí ó máa bá yín níbẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má jókòó síwájú sípíkà gan-an. Ohùn tín-ín-rín tó máa ń gún etí, iwájú ló máa ń lọ tààrà bí iná tọ́ọ̀ṣì, tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ara á tù yín. Báàsì ní tiẹ̀ kò mọ iwájú kò mọ ẹ̀yìn, ibi gbogbo ló ń dé, ó sì máa ń kó jọ sí igun ògiri. Ẹ wò ó, tébù kọ̀rọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ máa ń sáré lọ bá torí pé ó dá wà, ibẹ̀ gan-an ni báàsì ti máa ń gbọn àyà èèyàn jìgìjìgì. Ẹ wá tébù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ògiri ò sí lẹ́yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ ṣì lè máa rí ọwọ́ onígángan.

Sùúrù_Àpáta
Ọ̀gá, gbogbo wàhálà yìí ńkọ́? Ẹ fi òwú dí etí yín kẹ́ ẹ lọ síbi tó bá wù yín. Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá lọ òde ìnáwó.

Bọ̀dá_Mísà
@Sùúrù_Àpáta bàbá gbìyànjú, ṣùgbọ́n òwú ò fi bẹ́ẹ̀ dá nǹkan kan dúró, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì díẹ̀ báyìí ló ń yọ kúrò, ọkàn èèyàn kàn á balẹ̀ lásán ni. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni fóòmù kékeré tí wọ́n ń tà nílé oògùn, ẹ máa fi ìka lọ́ ọ títí á fi tín-ín-rín, ẹ fa etí yín sókè, ẹ tì í wọlé, ẹ fi ìka dì í mú fún bíi ìdajì ìṣẹ́jú kó fi wú padà. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fi há ẹnu etí lásán, kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n aburú tiẹ̀ ni pé ohùn tín-ín-rín ló ń pa jù, orin á wá dà bíi pé inú yàrá kejì ló ti ń dún. Fún ẹni tó fẹ́ bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n yan ìjókòó tó dáa ju kí wọ́n máa kì nǹkan sétí lọ.

Màmá_Ìbejì_Akóbọ̀
Ẹ̀yin ni ẹ ń jáde lálẹ́ ooo 😩 Èmi tí mo ní ìbejì ọlọ́dún kan àbọ̀, tí ọ̀kan bá sùn ìkejì á jí, ọkọ mi ní ká jáde lọ́jọ́ ọjọ́ ìbí òun, ta ló máa bá mi dúró tì wọ́n? Ìyá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa kà á lọ jàre, bó pẹ́ bó yá.

Àdùnní_Jẹ́ríkò
Pẹ̀lẹ́ o Màmá Ìbejì, wọ́n á dàgbà 🙏 tiwa ti lọ sí bọ́díǹ ni mo fi ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Mísà ẹ ṣeun gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi? Torí tèmi, tó bá ti di pé orí fọ́, ó di ọjọ́ kejì nìyẹn.

Bọ̀dá_Mísà
Ẹ jókòó ti ara yín, kí àárín yín jẹ́ bí ọwọ́ kan ṣe gùn tó. Tó bá di pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè kí ọkọ yín tó gbọ́, ẹ ti wà ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 nìyẹn tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Lójú àwọn NIOSH tó ń mójú tó ìlera òṣìṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, etí lè fara da 85 fún wákàtí 8, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń fi 3 lé sí i ni àkókò ń dín sí ìdajì, 88 di wákàtí 4, tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Ẹni tó wà níwájú sípíkà ńlá lè wà ní 100 yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń lo àìfóònù, NIOSH ní áápù kan lọ́fẹ̀ẹ́, `NIOSH SLM` lorúkọ ẹ̀, á sọ fún yín. Àwọn áápù orí Áńdíróìdì wà náà, ẹ kàn má gbà wọ́n gbọ́ jù, ó máa ń yàtọ̀ láti fóònù kan sí èkejì.

Alàgbà_Òkè_Àdó
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ ò rí ayé wa. Nígbà tí Eddy Okonta ń fọn fèrè ẹ̀ ní kíláàbù Páráádísì n'Ìbàdàn yìí, tọkọtaya á wọ aṣọ wọn, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu bíà tútù, wọ́n á dìde jó, kò sí sípíkà tó ga ju èèyàn lọ. Ọdún 1961 sì ni wọ́n dá Mbárí, kíláàbù àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, sílẹ̀ ní Gbági àtijọ́, inú ibi tí àwọn ará Lẹ́bánónì ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀ ni, ìwé, àwòrán, eré, orin, gbogbo ẹ̀ lójú kan, ẹ lè jẹun kẹ́ ẹ sì gbọ́ ewì. Ká tó wá sọ Dáúdà Epo Àkàrà, àwúrèbe nìyẹn, tiwa n'Ìbàdàn ni, ẹni tó bá gbọ́ ọ lóde kò ní fẹ́ lọlé. Ariwo ò sí nígbà yẹn. Ẹ̀rọ ló bayé jẹ́.

Bọ̀dá_Mísà
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n jà fún àwa onísípíkà díẹ̀ 😄 fèrè onípáànù yẹn ò fẹ́ sípíkà kó tó di etí, ẹni tó bá jókòó síwájú ẹnu ẹ̀ tí wọ́n fọn ọ́n gidi, ó lè gbọ́ 100 lófẹ̀ẹ́. Ohun tó jẹ́ kó tura nígbà yẹn ni pé bándì á sinmi, wọ́n á sì tún rọ ohùn sílẹ̀, orin lílọ́ á tẹ̀ lé èyí tó yá. Lónìí, tí bándì bá sinmi, díjéè á gbà á, díjéè kì í sinmi.

Alàgbà_Òkè_Àdó
Òótọ́ lo sọ nípa díjéè. Nípa fèrè, mi ò gbà.

Fọlákẹ́_Àgbọ̀wó
Ẹ máa ṣe bíi pé bándì nìkan ló wà ní gbogbo Ìbàdàn. Tíátà Wọlé Ṣóyínká tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ńkọ́? Mo kàwé níbẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Àwọn ọmọ ẹ̀ka tíátà gbọ́dọ̀ gbé eré sórí ìtàgé, ó wà lára ohun tí wọ́n ń gba máàkì lé lórí, torí náà tí sẹ́mẹ́sítà bá ti ń wọ òpin, eré á máa lé eré, ọ̀sẹ̀ kan lè ní ju ọ̀kan lọ. Wọ́n máa ń lẹ bébà mọ́ ara ògiri ní géètì àti káàkiri inú ọgbà, wọ́n sì máa ń gbé e sí ìpò Wàásáàpù wọn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò tó owó ẹran ìgbẹ́ kan. Inú gbọ̀ngàn náà ò tóbi, ibi tẹ́ ẹ bá jókòó sí ẹ máa gbọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sí máìkì rárá. Ìlù gidi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ijó á tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá rò pé inú tíátà dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ ò tíì jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UI, wọ́n á dá ọkọ tó ń purọ́ lórí ìtàgé lóhùn, "irọ́ ni o, ó wà nílé àlè!", gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń ṣeré náà á rẹ́rìn-ín, á fi bò ó.

Ẹ má jókòó síwájú pátápátá ṣá, tí ìlù bá wà lórí ìtàgé ẹsẹ̀ yín ló máa wà. Àárín ló dáa jù, ẹ máa rí gbogbo ojú wọn.

Sísí_Sámọ́ńdà
Èyí dùn ún gbọ́ o. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́fà, aago mẹ́fà náà ni?

Fọlákẹ́_Àgbọ̀wó
Aago mẹ́fà ti Nàìjíríà 😂 ṣùgbọ́n ẹ débẹ̀ lásìkò torí ìjókòó. Tí ASUU bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ẹ gbàgbé ẹ̀, kò sí nǹkan. Tí sẹ́mẹ́sítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà, ó máa ń gbẹ.

Kọ́lé_Ìwó_Róòdù
Tíátà kẹ̀? Ẹni tó fẹ́ gbádùn. Ẹ kúkú gbé ọpọ́n ayò jáde.

Fọlákẹ́_Àgbọ̀wó
Ẹ gbé e jáde náà, ihò 12, ọmọ ayò 48, tọkọtaya tó bá ta á níwájú èrò ní gádìnì, gbogbo tébù tó kù á dìde wá wò wọ́n, ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n á máa ṣe fún ẹni tí wọ́n ń nà tó orin fún alẹ́ kan. O rò pé o bú mi ni?

Àdùnní_Jẹ́ríkò
Ọkọ mi ń ka gbogbo eléyìí lẹ́yìn mi, ó ní ká pa méjèèjì pọ̀, tíátà kọ́kọ́, ká wá lọ síbi bándì. Bọ̀dá Mísà, ṣé ó ṣeé ṣe lálẹ́ kan? Báwo lẹ ṣe máa tò ó?

Bọ̀dá_Mísà
Ó ṣeé ṣe ma, ẹ jẹ́ n tò ó bí mo ṣe máa tò ó fún ìyàwó mi.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pe ibi bándì yẹn. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ ní bándì", gbogbo wọn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni bándì ń gun orí ìtàgé, aago mélòó ni díjéè ń gbà á lọ́wọ́ wọn, àti pé ṣé gbangba ni àbí abẹ́ òrùlé. Tí ẹni tó gbé fóònù ò bá mọ ìgbà tí díjéè ń wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ díjéè náà ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé bándì kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Fráìdé yẹn, ká sọ pé eré bẹ̀rẹ̀ láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́fà àbọ̀, á ti parí tó bá fi máa di aago mẹ́jọ àbọ̀. Láti UI sí Bódìjà kò jìnnà, ẹ lọ síbi bándì tó wà ní Bódìjà, ẹ má padà sí Jẹ́ríkò kí gó-sìlóò má bàa jẹ yín lálẹ́. Ọ̀pọ̀ bándì tó bá ní aago mẹ́jọ, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe "wọ́n tú, wọ́n tú" sínú máìkì. Ìyẹn gan-an dáa fún yín. Ẹ rìn yí ibẹ̀ ká nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ẹ gbọ́ ibi tó ń gún etí àti ibi tó ń gbọn àyà kẹ́ ẹ tó yan tébù. Ẹni tó bá ti jókòó tó sì ti ra ọtí kì í fẹ́ dìde mọ́.

Bẹ́ ẹ bá ti ń jókòó ni kẹ́ ẹ ti pàṣẹ ẹja, torí ẹja àrọ̀ tí wọ́n á yan níná èédú gba àsìkò, ó lè tó wákàtí kan tí èrò bá pọ̀. Ẹ fúnra yín lọ síbi ọpọ́n omi tí wọ́n kó wọn sí, ẹ nawọ́ sí èyí tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì dúnàádúrà KÍ wọ́n tó pa á. Tó bá ti kú tán, iye tí wọ́n bá pè ni iye ẹ̀.

Ní abala àkọ́kọ́, bándì máa ń fi orin pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, háíláìfù, orin àtijọ́, èrò ò tíì pọ̀, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yín, ẹ jẹun, ẹ gbádùn ara yín. Lẹ́yìn ìsinmi àkọ́kọ́, jùjú á gbóná, gángan á bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn. Ẹ dìde, ẹ lọ jó síwájú wọn fún orin méjì mẹ́ta, ẹ kàn má jẹ́ kó pẹ́ jù níwájú sípíkà, ẹ wá padà sí tébù yín. Ohùn á máa ga díẹ̀díẹ̀ bí alẹ́ ṣe ń lọ, kì í ṣe pé àwa tá a wà nídìí mísà ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sókè, olórin á ní òun ò gbọ́ ara òun, àwa á fi díẹ̀ kún un, èrò á tún pariwo bo ìyẹn, a tún fi díẹ̀ kún un. Tó bá ti di ìsinmi kejì, tẹ́ ẹ rí i tí ọmọkùnrin kan ń fa wáyà lápútọ́ọ̀bù, ẹ san owó yín, ó tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá gún etí kó tó dìgbà yẹn, ẹ má lọ bá mánéjà. Ẹ wá bá ẹni tó wà nídìí mísà láàárín orin méjì, ẹ kí i, ẹ ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dín tírẹ́bù kù díẹ̀." Ẹ má ní kó dín gbogbo ẹ̀ kù, olórin á kọ̀. Tírẹ́bù yẹn ni ohùn tín-ín-rín tó ń gún yín, ó sì rọrùn fún un láti fa á wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ìyá_Alágbo_Mọ́lété
Ẹ ò tíì sọ ibi tí wàhálà wà o. Tẹ́ ẹ bá fi máa jó síwájú onígángan, á bi ẹni tó jókòó tì yín lórúkọ yín, á bẹ̀rẹ̀ oríkì, á dé ọ̀dọ̀ bàbá ọkọ yín. Ọwọ́ wo lẹ máa fi dúró? Ọ̀rẹ́ mi kan kó gbogbo owó tó yẹ kó fi san ẹja lé ọmọ onílù lórí, ọkọ ẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé.

Alàgbà_Òkè_Àdó
Èèyàn ò lè gbọ́ oríkì kó dúró bí igi. Àṣà wa ni.

Ìyá_Alágbo_Mọ́lété
Àṣà ni sà, ṣùgbọ́n òfin wà. Òfin CBN ti ọdún 2007, ẹ̀ka 21, ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí fáìnì tí kò ní dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ sì rántí ọdún 2024 tí ilé ẹjọ́ rán Bobrisky lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀. Èmi, ńṣe ni mo máa ń pín in sínú àpòòwé nílé, mo sì máa ń fi lé ọ̀gá bándì lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́tù. Ó máa kí mi dáadáa náà ni.

Sùúrù_Àpáta
Àwọn kan ti ń pe nọ́ńbà àkáǹtì wọn sínú máìkì báyìí, wọ́n á ní "ẹ tìráńsífà." Oríkì gan-an ti dórí fóònù 🤣

Àdùnní_Jẹ́ríkò
Ọkọ mi ní tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ bàbá òun, òun máa lọ sí ilé ìtọ̀. Ẹ ṣeun Ìyá Alágbo, àpòòwé ni màá bá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lọ, báwo lẹ ṣe ń padà sílé? Ọkọ mi kì í fẹ́ wakọ̀ tó bá ti mu ọtí.

Kọ́lé_Ìwó_Róòdù
Èyí ni mo mọ̀ dáadáa. Tó bá ti kọjá aago mẹ́wàá, ẹ má dúró de Máíkírà lójú títì, èyí tó bá dúró fún yín lè ti kó èrò tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ fi fóònù pe ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì jókòó, ẹ má dìde títí á fi dé géètì, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà ara ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Lálẹ́ Fráìdé, wọ́n máa ń gbà tán wọ́n á tún fagi lé e, torí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Àbí kẹ́ ẹ bá onítakisí kan tẹ́ ẹ mọ̀ ṣàdéhùn láti ọ̀sán, ó wọ́n díẹ̀ ṣùgbọ́n á dúró dè yín.

Fọlákẹ́_Àgbọ̀wó
Kọ́lé, o gbọ́n o, o kàn ń fara ẹ pa mọ́ ni.

Màmá_Ìbejì_Akóbọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, Sọ́ńdè ńkọ́? Àbúrò ọkọ mi lè bá mi dúró ti àwọn ọmọ láti aago mẹ́rin sí mẹ́jọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó níṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Bọ̀dá_Mísà
Sọ́ńdè gan-an ló bá yín mu ma. Àwọn ibi kan máa ń bẹ̀rẹ̀ bándì láago márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́jọ́ Sọ́ńdè torí àwọn tó ń ti òde bọ̀, wọ́n sì máa ń tètè tú ká. Ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ béèrè aago yẹn o.

Ìyá_Alágbo_Mọ́lété
Èmi ò gbà pé Sọ́ńdè dáa tó Fráìdé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè àwọn onílé ìnáwó ló máa ń kún ibẹ̀, wọ́n á ti mu yó látọ̀sán, wọ́n á gba bándì mọ́ yín lọ́wọ́, orúkọ tiwọn nìkan lẹ ó máa gbọ́.

Bọ̀dá_Mísà
Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ó tún dúró lórí ibi tẹ́ ẹ lọ.

Sísí_Sámọ́ńdà
Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ibi tá a lọ ní oṣù tó kọjá, bándì ò dún jù, jẹnẹrétọ̀ ló ń pa wá. Gbogbo ìgbà tí olórin bá rọ ohùn, gbùrùgbùrù ẹ̀ la ń gbọ́, èéfín tún ń fẹ́ bọ̀. Kí lèèyàn lè ṣe sí ìyẹn?

Bọ̀dá_Mísà
Kò sí nǹkan tí mísà lè ṣe sí jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti wọ géètì, ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e sí kẹ́ ẹ tó wo ibi tí sípíkà wà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ilé tàbí ògiri kan wà láàárín ẹ̀yin àti òun, ìwọ̀n ìgbà kan ṣoṣo tí ògiri wúlò nìyẹn. Ẹ wo ibi tí èéfín súyà ń fẹ́ sí náà, ibẹ̀ ni ti jẹnẹrétọ̀ máa gbà, ẹ lọ jókòó sí òdì kejì. Tí iná NEPA bá wà nígbà tẹ́ ẹ dé, ẹ ṣì bi wọ́n léèrè ibi tí jẹnẹ́ wà.

Sísí_Sámọ́ńdà
Iná NEPA lálẹ́ Fráìdé 😂😂 Bọ̀dá, ìlú wo lẹ wà?

Àdùnní_Jẹ́ríkò
Mo ti pe ibi mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ò mọ aago díjéè rárá. Ẹnì kejì ní abẹ́ òrùlé ni. Ẹnì kẹta ní gbangba ni, bándì láago mẹ́jọ, díjéè láago mọ́kànlá, ó tún bi mí pé ṣé mo fẹ́ kóun bá mi mú tébù, mo ní rárá, màá fẹ́ kọ́kọ́ rìn yíká. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní "kò burú ma." Fọlákẹ́, eré wo ló ń lọ lọ́wọ́ ní UI lọ́sẹ̀ yìí?

Fọlákẹ́_Àgbọ̀wó
Ẹ fún mi títí di ọ̀la àǹtí, màá bá àwọn ọmọ ẹ̀ka sọ̀rọ̀, màá gbé bébà wọn síbí.